Sẹ́kọ́ńdì Kan, Fíréèmù 60: Ohun Tó Ń Jẹ Àkókò Lọ́wọ́ Àwa Onígéèmù Ìjà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn náà ẹ kú ìdúró, ẹ má bínú pé àga ò kárí.

Ìbéèrè kan wà táwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá géèmù ìjà máa ń bi mi, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ bí bọ́tìnnì tá a tẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ ká tó rí iṣẹ́ ẹ̀ lójú. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ra mọ́nítọ̀ 144Hz, owó gidi ni mo kó lé e, àmọ́ tí mo bá ti tan Street Fighter 6, tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, 60 náà ni mo ṣì ń rí, ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?" Rárá o, ẹnikẹ́ni ò lù ẹ́ ní jìbìtì. 144 yẹn, iṣẹ́ mọ́nítọ̀ ẹ ló ń sọ. 60 yẹn, iṣẹ́ géèmù ló ń sọ. Iṣẹ́ méjì ni, ẹni méjì ló sì ń ṣe é, èèyàn kàn máa ń kà wọ́n pọ̀ torí pé ojú kan náà la fi ń wo méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo ti géèmù ná. Nínú kọ̀nsólù tàbí kọ̀ǹpútà yín, géèmù ń ṣe ìṣirò: ẹsẹ̀ Ryu wà níbo, ṣé ẹ̀ṣẹ́ Ken ti kan ara ẹnì kejì, ẹ̀mí ẹni tó jẹ ẹ̀ṣẹ́ ku mélòó, bọ́tìnnì wo lẹ tẹ̀. Tó bá ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán, á wá ya àwòrán kan ṣoṣo tó fi ibi tí nǹkan dé hàn. Àwòrán kan yẹn la ń pè ní fíréèmù, iye tó ń yà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ni fíréèmù réètì, òun lẹ máa ń rí tí wọ́n bá kọ fps.

Mọ́nítọ̀ ní tiẹ̀ ò mọ Ryu, kò mọ Ken. Ohun tó mọ̀ ò ju kó máa kun àwòrán tí wọ́n bá fà lé e lọ́wọ́, láti òkè wá sísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíì, tó bá dé ìsàlẹ̀ á tún padà sókè á tún bẹ̀rẹ̀. Iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kan ni rìfírẹ́ṣì réètì, òun ni wọ́n ń fi Hz kọ. Mọ́nítọ̀ 60Hz ń kun ara ẹ̀ nígbà 60, mọ́nítọ̀ 240Hz ń kun ara ẹ̀ nígbà 240. Tó bá wá di àkókò àtikùn tí géèmù ò tíì fún un ní tuntun, ti àtẹ̀yìnwá náà ló máa tún kùn.

Ẹ rò ó bí ìyá aláàkàrà àtọmọ tó ń bá a gbé àkàrà lọ fún oníbàárà. Iye àkàrà tó ń jáde nínú epo, ọwọ́ ìyá ló wà, ọmọ ì báà sáré lọ sáré bọ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò lè sọ àkàrà di púpọ̀. Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá yára, àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò ní pẹ́ nílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ohun tí mọ́nítọ̀ tó yára ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣì í mú, àwọn kan á ní "géèmù ìjà ò ju 60 lọ, kí ni mo fẹ́ fi 240Hz ṣe," wọ́n á sì rò pé àwọn ti sọ ọ́ tán.

Kò tíì tán. Mọ́nítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní 60Hz, tó bá gba àwòrán kan, ó máa ń lò tó mílísẹ́kọ́ńdì 16 àti díẹ̀ kó tó kùn ún látòkè dé ìsàlẹ̀. (Ẹ pín sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni mílísẹ́kọ́ńdì.) Àárín ojú mọ́nítọ̀, níbi táwọn oníjà máa ń dúró sí, ó tó mílísẹ́kọ́ńdì 8 kí ìkùn tó débẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní 240Hz máa kun àwòrán kan náà tán láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 4 àti díẹ̀, àárín yẹn ò ju mílísẹ́kọ́ńdì 2 lọ. Fíréèmù 60 náà ni géèmù ń yà o, kò fi ẹyọ kan kún un, àmọ́ ẹ̀ ń tètè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 6 lẹ jèrè yẹn. Kò pọ̀ lójú ẹni tó ń wo fíìmù, àmọ́ ẹni tó ń gbá géèmù ìjà mọ̀ pé ó ju ìdá mẹ́ta fíréèmù kan lọ.

Kí ló wá dé tí géèmù ìjà fi ń rọ̀ mọ́ 60, nígbà tí géèmù ìbọn ń lọ sí 200, 300? Torí pé nínú géèmù ìjà, fíréèmù la fi ń ka àkókò. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló ní iye fíréèmù tiẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ kékeré lè gba fíréèmù 4 kó tó kan ẹni, ìpá ńlá lè gba 12, tí wọ́n bá dí i fún ẹ o lè wà nínú gbèsè fíréèmù 5 tí o ò ní lè ṣe nǹkan kan. Gbogbo ìwọ̀ntúnwọ̀nsì géèmù orí ẹ̀ ló dúró lé. Ìṣirò ìjà àti yíya àwòrán ń rìn pọ̀, ìgbésẹ̀ kan fún ìṣirò, àwòrán kan fún ojú, nígbà 60 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ni fíréèmù kan fi jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 16.67. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára, tí ò lè ya 60 yẹn pé, géèmù ìbọn á kàn máa já gán-ín gán-ín, àmọ́ ọ̀pọ̀ géèmù ìjà á falẹ̀ ni, àwọn oníjà á máa rìn bí ẹni tó wà lábẹ́ omi, tẹ́ ẹ bá sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹ ó fa ẹnì kejì falẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin àgbà inú wa lè rántí ayé tẹlifíṣọ̀n PAL, irú tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù àti níbí ní Nàìjíríà, 50Hz ni. Japan àti Amẹ́ríkà ń lo NTSC, 60Hz. Nígbà yẹn géèmù ń fi ìkùn tẹlifíṣọ̀n ṣe agogo ni, tẹlifíṣọ̀n bá kùn lẹ́ẹ̀kan, ìjà á sún síwájú ní ẹsẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n wá gbé Street Fighter II ti Super Nintendo lọ sí Yúróòpù, géèmù yẹn falẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 17 nínú 100, wọ́n sì rí ilà dúdú lókè àti nísàlẹ̀ àwòrán. Àwọn ọmọ tó kọ́ ọ lórí PAL, tí wọ́n bá fi wọ́n sídìí ti Japan, ọwọ́ wọn á máa pẹ́ dé. Láyé yẹn rìfírẹ́ṣì réètì àti fíréèmù réètì so pọ̀ bí ìbejì, ẹ̀ bá fọwọ́ kan ọ̀kan ẹ ti fọwọ́ kan èkejì. Òde òní ni wọ́n já ara wọn sílẹ̀, ìyẹn ni ìdàrúdàpọ̀ fi wọ̀ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ínpúùtù lágì, torí òun ló kó gbogbo wa wá síbí.

Ínpúùtù lágì ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ìka yín tẹ bọ́tìnnì sí ìgbà tí ojú yín rí i pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí bọ́tìnnì yẹn ń gbà kọjá gùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Pádì yín ní láti ránṣẹ́ sí kọ̀nsólù, iṣẹ́ yẹn á dé, àmọ́ kọ̀nsólù ò ní dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, á dúró di ìgbà tí fíréèmù tó kàn bá bẹ̀rẹ̀ kó tó wò ó (tẹ́ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ẹ ò ní dúró rárá, tẹ́ ẹ bá ṣe é láìṣe kòńgẹ́ ẹ lè dúró fún odindi fíréèmù, tá a bá pín in dọ́gba nǹkan bí ààbọ̀ fíréèmù ni). Á ṣírò, á ya àwòrán, ọ̀pọ̀ géèmù sì máa ń to àwòrán tí wọ́n ti yà sórí ìlà kí wọ́n tó gbé e jáde, kó má bàa sí ìgbà tí ìlà máa ṣófo, fíréèmù kan tàbí méjì sì ti lọ síbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni àwòrán tó dé mọ́nítọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n, èyí náà á sì ṣe tiẹ̀ kó tó kùn ún.

Ẹ kíyè sí i pé géèmù lè máa ya fíréèmù 60 gbáko láìdín kan, kó máa yọ̀ bí òróró lójú, kí ínpúùtù lágì ẹ̀ sì burú. Fíréèmù réètì ń sọ iye àwòrán tó ń jáde, kò sọ bí èyí tẹ́ ẹ̀ ń wò ṣe ti pẹ́ tó. Nígbà tí Street Fighter V jáde ní February 2016 lórí PlayStation 4, 60fps ni, ó sì dúró dáadáa. Àmọ́ nígbà táwọn èèyàn wọn ínpúùtù lágì ẹ̀, wọ́n rí i pé ó tó nǹkan bíi fíréèmù 8, ìyẹn lé ní mílísẹ́kọ́ńdì 130. Ariwo sọ, àwọn tó ń fi géèmù yìí jẹun ń sọ pé àwọn ò lè fi ojú dáhùn mọ́, pé ìméfò ti pọ̀ jù, Capcom tó ṣe géèmù náà sì padà tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ kó tó dín kù. Ẹ ò rí i pé kò sí mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ lè rà nígbà yẹn tó máa wo àrùn yẹn sàn, inú géèmù fúnra ẹ̀ ló wà.

Mo fẹ́ ká ṣírò ọ̀kan pọ̀, kó lè yé wa ní nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká mú Drive Impact ti Street Fighter 6. Ẹ mọ̀ ọ́n, ìgbájú ńlá tí àwọ̀ máa ń tú jáde lára oníjà yẹn, tí ẹ̀ṣẹ́ yín ò ní dá a dúró. Tí wọ́n bá ṣe é sí yín nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kódà bẹ́ ẹ bá dí i ẹ ó gbá ògiri, ẹ ó sì jìyà. Oògùn ẹ̀ tó dáa jù ni kẹ́yin náà tẹ Drive Impact tiyín kí tiẹ̀ tó kàn yín, torí tiyín á gba ẹ̀ṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ra látìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀, á sì dá tiyín padà fún un.

Fíréèmù kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni Drive Impact máa ń kan ẹni. Ìyẹn ni pé ẹ ní fíréèmù 25, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 417, láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí ìgbà tó máa balẹ̀. Ó jọ pé ó pọ̀, àbí? Ẹ wá yọ ínpúùtù lágì kúrò níbẹ̀. Lágì yẹn, apá kan ẹ̀ máa jẹ nígbà tí àwòrán ń bọ̀ wá bá ojú yín, apá kejì máa jẹ nígbà tí bọ́tìnnì yín ń lọ, tá a bá ro méjèèjì pọ̀ òun ni odindi ínpúùtù lágì. Ká ní gbogbo ẹ̀ lórí mọ́nítọ̀ tó dáa jẹ́ fíréèmù 4, ìyẹn mílísẹ́kọ́ńdì 67. Ó ku 350. Nínú 350 yẹn ni ojú yín ti máa rí i, tí ọpọlọ máa mọ̀ pé Drive Impact ni, tí ìka máa tẹ̀. Èèyàn tó ń retí nǹkan kan ṣoṣo, tó kàn jókòó pé tí iná bá tàn òun á tẹ̀ ẹ́, sábà máa ń lò tó 200 sí 250. Tó bá jẹ́ pé nǹkan mẹ́ta mẹ́rin ló ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe máa ń rí nínú ìjà gidi, á lọ sí 300 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà 350 ṣeé ṣe, ẹni tó bá ń ṣe é déédéé á máa rí i mú.

Ẹ wá gbé kọ̀nsólù yẹn kan náà, géèmù yẹn kan náà, lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ tí wọn ò tan Game Mode ẹ̀, ìyẹn sẹ́tìnsì tó ń mú kó fi àtúnṣe àwòrán sílẹ̀ kó lè tètè fi géèmù hàn. Irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ lè fi mílísẹ́kọ́ńdì 100 kún un, torí ó ń tún àwọ̀ ṣe, ó ń mú àwòrán dán, ó ń yọ ìdọ̀tí kúrò, gbogbo ẹ̀ kó tó fi hàn yín. 350 ti di 250. Ẹni tó ń rí i mú lánàá ò ní rí i mú lónìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀ ò falẹ̀, ojú ẹ̀ ò ṣe bàìbàì. Á bẹ̀rẹ̀ sí méfò, á máa tẹ Drive Impact ṣáájú nígbà tẹ́nikẹ́ni ò ṣe é, ẹnì kejì á sì rí ibẹ̀ gbá a mú tì. Lójú àwọn tó dúró lẹ́yìn, á dà bíi pé kò gbọ́n. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé mo ti rí ọmọ tó ní ẹ̀bùn tí wọ́n sọ fún pé kò lójú géèmù, tó sì jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ló ń mú ìdá mẹ́rin àkókò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Àmọ́ lágì yẹn, ó máa ń mọ́ọ̀yàn lára." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún apá kan géèmù ni. Àwọn kọ́ńbò, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé ara wọn, níbi tẹ́ ẹ ti mọ ohun tó kàn kẹ́ ẹ tó ṣe é, orí ìlù ló wà, ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó mọ orin. Tí lágì bá dúró sójú kan, tí kì í yí padà, ọwọ́ yín á kọ́ ọ, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ ṣáájú díẹ̀ láìmọ̀, kọ́ńbò á jáde. Èyí tó burú níbẹ̀ ni lágì tí ò dúró sójú kan, tó jẹ́ 4 nísìnyí, 6 tó bá yá, torí kò sí ìlù tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ níbẹ̀.

Ẹ wo ìjà Daigo Umehara àti Justin Wong níbi Evo, ìdíje ńlá àwa onígéèmù ìjà, ti ọdún 2004 ní California, lórí Street Fighter III: 3rd Strike, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ken tí Daigo ń lò, ẹ̀mí ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, kódà tó bá dí ẹ̀ṣẹ́ àrà tí Justin fi Chun-Li, oníjà tiẹ̀, tú sílẹ̀, ìyà díẹ̀ tí dídí máa ń jẹ ni á pa á. Ohun tó ṣe ni pé ó ń ti ọ̀pá síwájú lákòókò tí ìpá kọ̀ọ̀kan ń dé, pààrì ni wọ́n ń pè é, pààrì 15 tẹ̀ lé ara wọn, ó sì gbá a padà ó borí. Àwọn ìpá tó tẹ̀ lé ara wọn yẹn, ìlù ni, ó ti kọ́ ọ sọ́wọ́. Àmọ́ ti àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó dáhùn, torí ẹ̀ṣẹ́ àrà yẹn yá jù, tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tí géèmù tú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ jáde ó ti bọ́ lọ́wọ́ yín, ó ti gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Justin máa ṣe é kó tó ṣe é. Orí tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì ńlá àtijọ́ ni wọ́n ń gbá a láyé yẹn, irú tí wọ́n ń pè ní CRT, tí kì í fi àwòrán pamọ́ kó tó kùn ún, bó ṣe ń gbà á ló ń kùn ún. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà onígéèmù ìjà kan ò fi lè ju tiwọn nù títí dòní.

Fún ìlù ẹ lè kọ́ lágì mọ́ra. Fún ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ rí kẹ́ ẹ tó dáhùn, bíi Drive Impact yẹn, bíi ẹni tó fò wọlé sórí yín, kò sí kíkọ́ níbẹ̀, mílísẹ́kọ́ńdì tó bá lọ ti lọ nìyẹn.

Ó ku ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú nípa tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì fẹ́ fò ó. Wọ́n á kọ 120 tàbí 240 sára páálí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ní ó ń mú àwòrán yọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé tẹlifíṣọ̀n yẹn máa ń dá àwòrán tiẹ̀ dá, á mú fíréèmù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, á fojú inú ya èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn, á sì kì í bọ̀ ọ́. Ẹ rò ó dáadáa. Kó tó lè ya èyí tó wà láàárín, ó gbọ́dọ̀ ti ní èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ó ń mú fíréèmù tẹ́ ẹ ti yẹ kẹ́ ẹ rí dúró, ó ń dúró de òmíì, lẹ́yìn náà ló tó fi hàn yín. Kò sí bí nǹkan yẹn ṣe lè ṣiṣẹ́ láì fi ó kéré tán fíréèmù kan kún lágì, ó sì sábà máa ń ju kan lọ. Ó ń kùn jù, ó ń yọ̀ jù, ẹ sì ń rí i pẹ́ jù. Ẹ pa á, Game Mode sábà máa ń pa á fúnra ẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, V-Sync ni èyí tó jọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá pa á, géèmù á máa ju àwòrán sí mọ́nítọ̀ nígbà tó bá ti ṣetán, kódà tí mọ́nítọ̀ bá wà láàárín ìkùn, ẹ ó wá rí i pé ìdajì òkè jẹ́ fíréèmù àtijọ́, ìdajì ìsàlẹ̀ jẹ́ tuntun, bíi bébà tó ya láàárín. Tẹ́ ẹ bá tàn án, kò ní ya mọ́, torí géèmù á dúró de mọ́nítọ̀, ìdúró yẹn náà sì ni lágì. Lórí mọ́nítọ̀ 60Hz ìdúró yẹn lè tó fíréèmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lórí 120Hz tàbí 240Hz, àyè tó ń bọ̀ ò jìnnà, ìdúró á kúrú. Street Fighter 6 ní ibì kan nínú sẹ́tìnsì tí wọ́n kọ Input Delay Reduction sí, orí ojú tó ń ṣe 120Hz ló ti wúlò jù, ìjà ò sì kúrò ní 60 rárá. Ó dà bíi pé ìyẹn nìkan ti dá ẹni tó ń béèrè nípa 144Hz rẹ̀ lóhùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ tiyín? Ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n, ojú ò lè ṣe é. Nínú tréníìnì Street Fighter 6 wọ́n ní ilà kan tó ń ka fíréèmù nísàlẹ̀, ó dáa gan-an, àmọ́ ohun tó ń kà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú géèmù, kò mọ ìgbà tí àwòrán dé ojú yín. Ẹ lo fóònù tó lè ya fídíò 240fps. Ẹ gbé e dúró kó lè rí ìka yín àti ojú tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ ẹ̀ṣẹ́ kékeré kan, kẹ́ ẹ lu bọ́tìnnì yẹn gidi kó hàn nínú fídíò. Lẹ́yìn náà ẹ máa fa fídíò yẹn ní ẹyọ ẹyọ, ẹ ka iye àwòrán fóònù láti ìgbà tí bọ́tìnnì wọlẹ̀ dé ìgbà tí oníjà yín kọ́kọ́ mira. Àwòrán fóònù kan níbẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 4 àti díẹ̀. Ká ní ẹ ka 24, mílísẹ́kọ́ńdì 100 nìyẹn, fíréèmù 6. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kẹ́ ẹ pín in dọ́gba, torí mo ti sọ pé bọ́tìnnì lè ṣe kòńgẹ́ fíréèmù tàbí kó má ṣe é, èyí nìkan lè jẹ́ kí iye tẹ́ ẹ ń kà máa yí pẹ̀lú àwòrán fóònù 4. Ẹ ó wá yí ohun kan ṣoṣo padà, Game Mode tàbí V-Sync, ẹ ó tún kà á. Tẹ́ ẹ bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n, ti íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé ínpúùtù lágì kan náà ni?"

Rárá, ó yàtọ̀. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì ni àkókò tí ìṣe ẹnì kejì fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ. Géèmù tó dáa lónìí ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní ròóbáàkì, Tony Cannon tó wà lára àwọn tó dá Evo sílẹ̀ ló ṣe sọ́fítíwìà GGPO tó jẹ́ kó gbajúmọ̀. Géèmù á dáhùn bọ́tìnnì tìẹ lójú ẹsẹ̀, á sì méfò nípa ti ẹnì kejì, tó bá ṣì í mú, á yára dá nǹkan padà sẹ́yìn á tún un ṣe. Àmọ́ tí tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ bá ní lágì 100, ròóbáàkì ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́, torí lẹ́yìn tí géèmù bá ti parí iṣẹ́ ẹ̀ ni ti tẹlifíṣọ̀n ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti bọ̀ọ̀dá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Mo ti tan Game Mode, mo ka tèmi bẹ́ ẹ ṣe wí níjọ́sí, kò lọ sílẹ̀ rárá."

Ẹ wo nǹkan méjì. Lórí tẹlifíṣọ̀n kan, ojú ihò HDMI kọ̀ọ̀kan ló ní Game Mode tiẹ̀, ó lè jẹ́ pé ihò kìíní lẹ tàn án fún, ihò kejì sì ni kọ̀nsólù wà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ẹ lọ sínú sẹ́tìnsì Windows, níbi tí wọ́n kọ Advanced display sí, kẹ́ ẹ wo iye Hz tó wà níbẹ̀. Mo ti bá mọ́nítọ̀ 144Hz pàdé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tí Windows ń fi 60 bá ṣiṣẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ọwọ́ àwọn ló máa yí i. Tó bá jẹ́ pé 144 ò tiẹ̀ sí lára iye tẹ́ ẹ lè mú níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà tẹ́ ẹ fi so ó, ẹ so ó mọ́ ihò DisplayPort tó bá ní in, kẹ́ ẹ padà lọ wò ó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé fóònù yẹn kẹ́ ẹ tún un kà.